Ojú Owó Kì í Ṣe Owó Ọbẹ̀

Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, kò sí àgbẹ̀ gidi kan tí í gún èbù rẹ̀ ní iyán. Nígbà tí ó bá wa iṣu tán, ọ̀nà méjì ni í ṣà á sí: èyí tí àwọn ará ilé yóò jẹ tàbí tí a ó tà lọ́jà, àti èyí tí yóò padà sínú ebè. Bí ebi tilẹ̀ ń pa á ní oṣù tí iṣu tuntun kò tí ì jáde, yóò kọ́kọ́ wá ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo kiri kí ó tó fi ọwọ́ kan èbù. Ó mọ̀ dájú pé ẹni tí ó bá jẹ èbù tán ti jẹ oko ọdún tí ń bọ̀.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé bí ọmọ àgbẹ̀ yìí kan náà bá di oníṣòwò, ọgbọ́n náà a máa fi í sílẹ̀. Àpò kan ṣoṣo ni yóò so mọ́ ìdí. Inú àpò yìí ni owó ọjà tí ó tà ń wọ̀, inú rẹ̀ náà ni owó ẹja, owó ìwé ọmọ, owó aṣọ ẹbí àti owó ìsìnkú ti ń jáde. Ní alẹ́, bí ó bá rí owó nínú àpò, yóò ní ọjà tà. Bí kò bá rí i, yóò ní ayé le. Kò sí èyí tí ó dá a lójú nínú méjèèjì.

Èrò mi lórí ọ̀ràn yìí kò fara sin. Ẹni tí ó bá ń dá òwò ṣe, ìbáà jẹ́ aláṣọ, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́pò, gbọ́dọ̀ ya àpò ọjà kúrò lára àpò ilé, kí ó sì máa san owó oṣù kan tí kì í yí padà fún ara rẹ̀, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ni òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nínú ìsọ̀ náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, “Èmi tí mo ni ọjà, ta ni yóò san owó oṣù fún mi?” Ẹ jẹ́ kí á fi ara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí a tó bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àwọn baba wa ti fún wa ní ọ̀rọ̀ méjì tí a nílò. Ekíní ni ojú owó, èyí ni owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ òwò, tí ó ń di ọjà, tí ọjà sì tún ń dà á padà di owó. Èkejì ni èrè, èyí tí ó lé lórí ojú owó lẹ́yìn tí a ti san gbogbo ìnáwó òwò. Èrè ni iṣu jíjẹ. Ojú owó ni èbù. Nígbà tí a bá gbọ́ pé oníṣòwò kan “ti jẹ ojú owó,” ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kì í sábà jẹ́ olè jíjà tàbí ìná àpà. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ọbẹ̀ ni ó fi jẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí nínú ọjà Ìkẹ́rẹ́. Àwọn iye owó tí n ó dá yìí, mo dá wọn kí ìṣirò lè rọrùn ni. Wọn kì í ṣe iye ọjà ti òní. Ojú owó rẹ̀ jẹ́ 300,000 náírà. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ń ta ọjà 150,000 náírà, èyí tí òun fúnra rẹ̀ rà ní 126,000 náírà. Ó ku 24,000 náírà. Nínú èyí ni yóò ti san owó ọkọ̀, owó alábàárù, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àti owó ọ̀rá, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6,000 náírà. Èrè rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ 18,000 náírà, èyí tí ó di 72,000 náírà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ìyá yìí kì í ṣe aláìmòye. Kì í mu ọtí, kì í ra wúrà. 2,500 náírà péré ni ó ń mú lójúmọ́ fún ọbẹ̀. Ní ọjọ́ 28, ó di 70,000 náírà. Ó ń bu ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ sílé láti inú igbá ọjà, ìwọ̀nba tí ó tó 4,000 náírà lọ́sẹ̀. Ó di 16,000 náírà. Ó tún ra aṣọ ẹbí kan, ó sì dá owó ìsìnkú, méjèèjì jẹ́ 20,000 náírà. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 106,000 náírà ni ó bọ́ sí ilé, nígbà tí èrè jẹ́ 72,000 náírà. 34,000 náírà tí ó lé yìí, inú ojú owó ni ó ti wá. Bí oṣù márùn-ún bá rí bẹ́ẹ̀, 170,000 náírà ti lọ, ojú owó sì ti di 130,000 náírà. Bẹ́ẹ̀ ni n kò tí ì ṣírò pé bí ọjà inú ìsọ̀ ti ń dín kù ni èrè náà yóò máa dín kù, tí ìparun yóò sì máa yára sí i.

Báwo ni ìyá yìí ṣe lè mọ̀ kí ó tó pẹ́ jù? Kíkà ni oògùn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí oṣù bá parí, kí ó ka gbogbo ọjà tí ó wà nínú ìsọ̀ ní iye tí ó rà á, kì í ṣe ní iye tí ó fẹ́ tà á. Kí ó fi owó tí ó wà nínú àpò ọjà kún un. Kí ó fi àwìn tí ó dá a lójú pé àwọn oníbàárà yóò san kún un. Lẹ́yìn náà, kí ó yọ gbèsè tí òun jẹ àwọn tí ó gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Iye tí ó bá kù ni ojú owó rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ọjà bá jẹ́ 196,000 náírà, tí owó inú àpò jẹ́ 60,000, tí àwìn jẹ́ 40,000, tí gbèsè sì jẹ́ 30,000, ojú owó jẹ́ 266,000 náírà. Oṣù tí ó kọjá, 300,000 ni. Òtítọ́ ti hàn: ó ti dín ní 34,000.

Ohun kan wà nínú kíkà yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí. Ìyá tí kò lè kọ gbogbo ọjà tí ó tà lójúmọ́ sílẹ̀ ṣì lè mọ èrè rẹ̀, bí ó bá sáà ti kọ iye tí ó mú lọ sílé. Kí ó mú ojú owó ìparí oṣù, kí ó fi ohun tí ó mú lọ sílé kún un, kí ó sì yọ ojú owó ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kúrò. Ti ìyá wa yìí yóò jẹ́ 266,000 àti 106,000, tí ó jẹ́ 372,000. Bí a bá yọ 300,000, ó ku 72,000 náírà. Èrè rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá mọ ìròpọ̀ àti ìyọkúrò lè ṣe é fún ìyá rẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Lẹ́yìn kíkà ni yíyà. Kí àpò di méjì, kí ìwé sì di ọ̀kan tí a pín sí ọ̀nà mẹ́ta: owó tí ó wọlé láti inú ọjà, owó tí ó jáde nítorí ọjà, àti owó tí ó lọ sí ilé. Ní ayé àtijọ́, àpò aṣọ méjì tó. Lónìí, ọ̀nà kejì ti ṣí tí owó ń gbà wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà ṣọ̀wọ́n nítorí ìpààrọ̀ náírà, ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó láti orí fóònù, tí wọ́n sì ń gbà á títí di ìsinsìnyí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àkáǹtì kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Èkó ń fi owó ránṣẹ́ sí ni oníbàárà náà ń san owó gàrí sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àpò rẹ̀ jẹ́ méjì gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì méjì, kí ó sì má ṣe fi nọ́ḿbà ti ilé han oníbàárà rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àjọ àti èsúsú. Ó ti pẹ́ tí èsúsú ti wà láàárín wa. Àlùfáà Sámúẹ́lì Jọ́ńsìn mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Òfin tí mo gbà pé ó yẹ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àpò tí ó dá owó ni ó ni owó tí a kó. Bí ó bá jẹ́ pé àpò ọjà ni a fi ń dá èsúsú, a kò gbọdọ̀ fi èyí tí a kó kan òrùlé ilé. Bí ó bá sì jẹ́ owó oṣù ara ẹni ni a ń dá lọ́wọ́ alájọ, kí ẹni náà ná an bí ó ti wù ú.

Wàyí o, èló ni kí ìyá yìí máa san fún ara rẹ̀? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a wo oṣù tí ọjà yá jù lọ, wọn a sì fi ìyẹn dá owó oṣù. Ṣùgbọ́n ọjà kì í yá bákan náà. Ká ní ìyá wa kọ èrè oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Ní oṣù keje ó rí 72,000 náírà, ní oṣù kẹjọ 65,000. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn òbí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ó rí 48,000. Ní oṣù kẹwàá, 40,000 péré. Ní oṣù kọkànlá ó rí 55,000, ọdún Kérésìmesì sì gbé ti oṣù kejìlá dé 110,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 390,000. Bí a bá pín in sí mẹ́fà, oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ 65,000 náírà.

Èmi kò ní gbà á níyànjú láti máa mú 65,000. Bí ó bá ń mú gbogbo èrè, ojú owó kò ní dàgbà láéláé, kò sì ní sí ohun tí yóò gbé e la oṣù burúkú já. Kí ó mú iye tí ó sún mọ́ èrè oṣù tí ó burú jù, tí kò sì ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpín oṣù kọ̀ọ̀kan lọ. Ká ní ó dá a sí 44,000 náírà, kí ó máa gba 11,000 lọ́sẹ̀, nítorí pé ilé a máa jẹun lójoojúmọ́, kì í dúró de ìparí oṣù. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí oṣù mẹ́fà yẹn. Oṣù keje fi 28,000 sílẹ̀, oṣù kẹjọ fi 21,000, oṣù kẹsàn-án fi 4,000. Ó ti di 53,000. Oṣù kẹwàá kò tó, a mú 4,000 nínú rẹ̀, ó ku 49,000. Oṣù kọkànlá fi 11,000 kún un, oṣù kejìlá fi 66,000. Ó di 126,000 náírà. Nínú oṣù tí ọjà kú jù lọ, àwọn ọmọ jẹun bí wọ́n ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yá owó.

Kí ni a ó fi 126,000 yìí ṣe? Kí a fi owó oṣù méjì, tíí ṣe 88,000 náírà, pamọ́ fún oṣù burúkú. 38,000 tí ó kù, kí ó di ọjà. Bí a bá fẹ́ fi kún owó oṣù, kí a dúró títí oṣù mẹ́fà mìíràn yóò fi jẹ́rìí pé èrè ti ga sókè. Kí a má ṣe fi í kún un ní alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì.

Ẹ ó bi mí léèrè pé, ilé tí ń ná 106,000 náírà, báwo ni yóò ṣe fi 44,000 gbé? Ìbéèrè náà tọ́, òun gan-an sì ni ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sá fún ìṣirò yìí. Owó oṣù kò dá ìṣòro sílẹ̀. Ó tú u síta ni. Ìsọ̀ náà kò fìgbà kan lágbára láti bọ́ ilé náà. Ojú owó ni ó ń bọ́ ọ. Nígbà tí ìyá bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ìdílé. Ó lè jẹ́ pé bàbá ni yóò fi kún owó oúnjẹ, ó lè jẹ́ pé a ó gbin ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ sí i, ó sì lè jẹ́ pé a ó máa fi ẹnu kí ẹni tí ń ṣe ìnáwó láìra aṣọ rẹ̀. Ó sàn kí a jókòó sọ ọ́ nígbà tí ojú owó ṣì kù 266,000 ju ìgbà tí ó bá kù 30,000 lọ.

Ìrẹsì inú igbá ńkọ́? Kí ìyá bù ú, ṣùgbọ́n kí ó mú owó rẹ̀ láti inú àpò ilé sínú àpò ọjà, ní iye tí ó rà á. Bí ọmọ bá ṣàìsàn lóru tí àpò ilé sì gbẹ, kí a mú owó ọjà tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀mí ju owó lọ. Ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbèsè, kí a sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù títí yóò fi tán. Ẹni tí ó yá owó ọjà láìkọ ọ́ sílẹ̀ kò yá a; ó jẹ ẹ́ ni.

Ewu méjì ṣì wà tí kò yẹ kí n fò dá. Ekíní ni àwìn. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba a máa gba ọjà kí owó oṣù wọn tó dé, owó náà sì lè pẹ́. Èrè lè wà nínú ìwé nígbà tí kò sí nínú àpò. Nítorí náà, owó tí ó ti wọlé nìkan ni a lè fi san owó oṣù ara ẹni. A kì í fi ìlérí se ọbẹ̀. Èkejì ni ọ̀wọ́n ọjà. Bí ìyá bá ra àpò ìrẹsì kan ní 60,000 náírà, tí ó tà á ní 69,000, yóò ní òun jèrè 9,000. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta á, tí ó bá a ní 72,000, kò lè ra àpò kan mọ́ bí kò bá fi 3,000 kún un. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kíkà náírà nìkan a máa tan ènìyàn jẹ. Kí ó ka iye àpò pẹ̀lú. Àgbẹ̀ kì í béèrè iye tí èbù rẹ̀ yóò pa lọ́jà. Ohun tí ó ń béèrè ni iye ebè tí yóò kún.

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí agbára ìyàsọ́tọ̀ yìí mọ. Àpò méjì kò sọ oníṣòwò di ènìyàn méjì lójú òfin. Ní ọdún 1896, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ oníbàtà kan tí ń jẹ́ Sálómọ́nù, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin yàtọ̀ sí ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń dá ta ìrẹsì kò sí nínú èyí. Bí òwò rẹ̀ bá jẹ gbèsè, òun ni ó jẹ ẹ́, a sì lè bá a dé orí ẹrù ilé rẹ̀. Òfin owó orí pẹ̀lú kò ka owó tí ó san fún ara rẹ̀ sí ìnáwó òwò; ara èrè ni ó kà á sí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe òfin àpò méjì, òun náà ni ọlọ́pàá rẹ̀.

Nítorí náà, èmi kò gbà pé ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bi wá pé ta ni yóò san owó oṣù fún òun ti ń gba owó lọ́wọ́ ìsọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti ṣí i. Kò kàn mọ iye rẹ̀ ni, ìsọ̀ náà kò sì ní ẹnu láti sọ fún un nígbà tí ó bá gba àgbàjù. Ìwé ni ẹnu ìsọ̀. Nígbà tí ẹ bá délé lọ́jọ́ tí oṣù yìí bá parí, ẹ bá àwọn ìyá yín ka ohun tí ó wà nínú ìsọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.